Bí balógun ikọ̀ ṣe lè gba ife, kó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kó má sì ka orúkọ ogún èèyàn

Àṣekágbá ti parí. Ẹ̀mùsí na máìkì sí balógun ikọ̀ tó borí, ó ní kó bá wọn sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú. Balógun á kí Kábíyèsí, á kí alága káńsù, á kí onígbọ̀wọ́, á kí kóòṣì, á wá rántí pé òun ò tíì dárúkọ akọ̀wé ìdíje, á tún padà sẹ́yìn. Nígbà tó bá fi di ìṣẹ́jú kẹrin, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ń jó lẹ́yìn rẹ̀, èrò ti ń wá ọ̀kadà lọ sílé, orúkọ ẹni tó ra jẹ́sì fún wọn kò sì tíì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni yẹn gan-an ló sì jókòó sí ìlà iwájú.

Balógun ikọ̀ wọ́ọ̀dù, ti àdúgbò tàbí ti ilé ìwé, tó máa gba ife lójú àwọn àgbà ìlú, la kọ èyí fún. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ká fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tó bá rọra ń sọ̀rọ̀ lórí máìkì pápá máa ń lo nǹkan bí 120 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ 150 sí 180 ti tó. Èyí tó bá lé sí i, èrò ò ní gbọ́ ọ.

Àwọn ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Wá káàdì kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, kó nípọn díẹ̀, àti bírò. Má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù: òòrùn kì í jẹ́ kéèyàn rí ojú rẹ̀, ìka tó ní òógùn kì í sì í ṣí i. Wá ìwé kejì tí kò ní dé orí pápá rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní. O nílò igbákejì balógun tó mọ̀ ṣáájú pé òun lòun máa gba ife mú nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀. O nílò oyè ẹni tó máa fi ife lé yín lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Lẹ́yìn náà, aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àti omi.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn: bá ẹ̀mùsí sọ̀rọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan méjì ni kí o bá a fẹnu kò lé lórí. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló máa ṣáájú, kí ẹ tó gbé ife sókè. Bí ife bá ti lọ sókè, ariwo ti ta nìyẹn, kò sí máìkì tó lè borí rẹ̀. Èkejì, òun ni yóò dárúkọ onígbọ̀wọ́ kó tó pè ọ́. Kọ orúkọ náà sí bébà kékeré fún un, kí ó má baà ṣì í pè.

Ìgbésẹ̀ 1: Kọ gbogbo orúkọ sílẹ̀, àmọ́ sí ìwé tí kì í ṣe ti máìkì

Ó kéré tán, nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, jókòó pẹ̀lú kóòṣì àti ẹni tó ń tọ́jú owó ikọ̀. Kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe nǹkan fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ká mú ikọ̀ wọ́ọ̀dù kan ṣe àpẹẹrẹ, ká tẹ̀ lé e títí dé ìparí. Wọ́n kọ ẹni tó ra jẹ́sì, àwọn méjì tó san owó mọ́tò, ọ̀gá ilé ìwé tó yá wọn ní pápá, nọ́ọ̀sì tó ń di ẹsẹ̀ fún wọn, ìyá ẹlẹ́wà tó ń bu ẹ̀wà fún wọn láwìn lẹ́yìn ìgbáradì, kóòṣì àti igbákejì rẹ̀, bàbá ìsàlẹ̀ ikọ̀, títí ó fi di orúkọ 19.

Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí orúkọ kan pẹ̀lú oyè rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú àáyá 6, orúkọ 19 máa gba ìṣẹ́jú àáyá 114. Ó ti ju gbogbo àkókò tí ẹ ní lọ, ẹ ò sì tíì sọ ohun kan nípa bọ́ọ̀lù. Èyí tó tún burú ju àkókò lọ ni pé orúkọ tí a bá pè ló máa ń jẹ́ kí èyí tí a kò pè hàn. Bí o bá dárúkọ mẹ́fà, ẹni keje á mọ̀ pé a fo òun ni. Bí o kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí a fò.

Ìdúpẹ́ Yorùbá kì í sì í parí lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí a ṣe lóore ní ọjọ́ Sátidé, bí kò bá wá sọ pé "ẹ ṣé àná" ní ọjọ́ Àìkú, a ó ní kò dúpẹ́ ni, bó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lórí pápá. Ibẹ̀ ni àyè ìwé orúkọ yẹn wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kọ ilé tàbí nọ́ńbà fóònù ẹni náà, àti ẹni tó máa lọ kí i nínú ikọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn kan máa ń ní àwọn á kúkú dárúkọ "àwọn tó ṣe pàtàkì" nìkan. Ta ló máa sọ fún àwọn tó kù pé wọn ò ṣe pàtàkì? Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, wàhálà ti dé.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: ìwé náà ti kún, ó wà lọ́wọ́ akápò, káàdì rẹ ṣì funfun.

Ìgbésẹ̀ 2: Yan ẹnì kan ṣoṣo tí èrò kò rí

Ọ̀rọ̀ tí kò bá tọ́ka sí ẹnì kankan rárá máa ń dà bí ìkéde rédíò. Nítorí náà, èèyàn kan ṣoṣo ni wàá fi hàn, ohun mẹ́ta ni wàá sì fi yàn án. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ohun kan tí ojú lè rí, kì í ṣe pé "ó nífẹ̀ẹ́ ikọ̀". Gbogbo ikọ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, láìjiyàn.

Ikọ̀ tí à ń fi ṣe àpẹẹrẹ yìí yan aṣọ́lé wọn kejì. Kò gbá ìṣẹ́jú kan nínú ìdíje náà. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn tó kù bá ti ń tú bàtà, òun ló máa ń dúró gbá pẹ́nárítì ogún sí aṣọ́lé àkọ́kọ́. Bí àṣekágbá bá wá lọ bí ẹnikẹ́ni ò ṣe rò, tí aṣọ́lé àkọ́kọ́ mú pẹ́nárítì, ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí pẹ́nárítì ò bá sì sí, ó ṣì dúró.

Sọ fún kóòṣì ṣáájú. Kóòṣì tó bá gbọ́ lójijì lórí máìkì pé aṣọ́lé kejì ni wọ́n ń yìn, tí orúkọ tiẹ̀ kò jáde, inú rẹ̀ lè má dùn. Bí o bá ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ méjì ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló máa bá ọ rán ọmọ náà létí kó dúró nítòsí. Má yan bàbá rẹ, má yan àfẹ́sọ́nà rẹ, má sì yan ara rẹ nípa sísọ góòlù tí o gbá wọlé. Àwọn tó wò ó ti rí i.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: o lè sọ ohun tí ẹni náà ṣe ní gbólóhùn méjì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á sì lè fojú inú wò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọ̀rọ̀ fún ikọ̀ tó pàdánù

Èyí ló ṣòro jù, òun ló sì ń fi balógun gidi hàn, nítorí náà ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ balógun máa ń sọ ni pé "ẹ gbìyànjú". Ó dùn lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, àmọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ fún ọmọ tó gba márùn-ún nínú ogún ló rí létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. "Ẹ má bínú" tún burú jù ú lọ; ta ló ní wọ́n ń bínú? Ohun tó máa ń wọ èèyàn lára ni kí o sọ ohun kan pàtó tí wọ́n ṣe lórí pápá lónìí, èyí tó yọ yín lẹ́nu. Ó máa fi hàn pé o rí wọn. Ó tún máa gbé ife tìrẹ níyì, nítorí pé ẹni tó borí ọ̀lẹ kò borí ẹnikẹ́ni.

O ò lè kọ gbólóhùn yìí ṣáájú. Fi àyè sílẹ̀ fún un lórí káàdì, kí o kọ ohun mẹ́ta tí wàá máa wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà jẹ́sì ẹni tó dà yín láàmú jù, ìṣẹ́jú tí ẹ̀rù bà yín jù, àti ohun tó ṣẹ́ kù díẹ̀ kó yí ayò padà. Ní àárín ìsinmi, sọ fún igbákejì kóòṣì kó bá ọ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló jókòó, ìwọ ló ń sáré.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé àwọn tó pàdánù lẹ ti gbá a, gbólóhùn yìí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìdùnnú yín. Ronú nípa irú pápá tí Super Falcons bá ara wọn ní Rabat ní oṣù Keje ọdún 2025. Morocco ti gbá méjì sí òdo, ìlú wọn ni, èrò wọn ló kún ibẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì yí i padà sí 3 sí 2. Níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀, balógun tó bá fi ìdùnnú tiwọn bẹ̀rẹ̀ kò ní rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní wọ́ọ̀dù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igba èèyàn péré ló wà níbẹ̀.

Ṣọ́ra fún òwe. "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́" lè dùn mọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ, àmọ́ èébú ni létí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. "Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà" náà kò yẹ lẹ́nu ẹni tó borí. Bí o bá sì máa pa òwe lójú àwọn àgbà, o gbọ́dọ̀ fi "tótó, ó ṣe bí òwe o" kún un, kí o dúró kí wọ́n sọ pé wàá pa òmíràn. Gbogbo rẹ̀ á gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ọ̀kan péré ni àyè rẹ̀ wà, ó sì sàn kó má sí rárá. Ní ti "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà", gbogbo balógun tó ti gba ife láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti lò ó. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi.

Má sọ̀rọ̀ rẹfirí. Bí ó bá ṣègbè fún yín, ọ̀rọ̀ rẹ á rán wọn létí. Bí ó bá ṣègbè lòdì sí yín, ẹ ti borí, kí lẹ tún ń wá?

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: bí balógun ikọ̀ kejì bá gbọ́ gbólóhùn náà, á mirí, kò ní wo ilẹ̀. Bí o bá fẹ́ dán an wò, ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ létí bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ pàdánù.

Ìgbésẹ̀ 4: Kọ ọ́ sílẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí balógun ikọ̀ yìí kọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Mo dúró lórí ètò ìkíni tó ti wà nílẹ̀. Mo kí Kábíyèsí wa, mo kí alága káńsù wa, mo kí àwọn ìgbìmọ̀ ìdíje, mo kí onígbọ̀wọ́ wa pàtàkì, mo kí àwọn ìyá ọjà..." Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀ ti sọ pé òun ò ní kí wọn mọ́, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló yẹ kó ṣe.

Kábíyèsí nìkan la ò lè kó pọ̀ mọ́ èèyàn. Òun la máa kí lọ́tọ̀, lákọ̀ọ́kọ́. Bí ọba bá ju ọ̀kan lọ, "ẹ̀yin orí adé" gba gbogbo wọn, ìwọ kọ́ ni kí o máa to ìpele wọn lórí pápá. Bí kò bá sí ọba, àgbà tó fi ife lé ọ lọ́wọ́ ló gba ipò yẹn. Gbogbo àwọn tó kù wọ inú "ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó".

Ọ̀rọ̀ tó kọ lẹ́yìn tó ti gé e, tó sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá dí àyè tó fi sílẹ̀, nìyí. Ayò jẹ́ méjì sí ọ̀kan:

"Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, ẹ̀yin èrò ìwòran, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn ará Wọ́ọ̀dù Kẹta. Láti ìgbà tí ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ẹ ò jẹ́ ká mí. Nọ́ńbà méje yín, èèyàn méjì la fi ṣọ́ ọ, ó ṣì ń kọjá. Bí pẹ́nárítì yẹn bá wọlé, bóyá ẹ̀yin lẹ bá dúró síbí.

Gbogbo yín lẹ rí ẹni tó mú pẹ́nárítì yẹn. Ẹ ò rí ẹni tó bá a múra. Aṣọ́lé wa kejì kò gbá ìṣẹ́jú kan nínú ìdíje yìí, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń gbá ogún pẹ́nárítì sí i. Ọ̀rẹ́ mi, nawọ́ sókè kí wọ́n rí ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ràn wá lọ́wọ́, ẹ mọ ara yín, àwa náà mọ̀ yín. Mi ò ní ka orúkọ yín lórí máìkì. Ilé yín là ń bọ̀, a máa wá sọ pé ẹ ṣé àná.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún pàdé lórí pápá yìí lọ́dún tó ń bọ̀, kí gbogbo wa pé. Ẹ ṣeun."

Ìkíni gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12, ìkíni sí ikọ̀ kejì gba 20, ti aṣọ́lé gba 20, ìyókù pín èyí tó kù. Àdúrà kan péré ló wà níbẹ̀, nítorí pé èrò máa ṣe "Àmín", ẹni tó bá sì ti gbọ́ Àmín kan máa ń fẹ́ gbọ́ èkejì; bí balógun ṣe ń di wòlíì nìyẹn. Àdúrà náà kò bẹ̀bẹ̀ fún ife míràn, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn méjèèjì tún pàdé. Kò sí ìlérí pé "ọdún tó ń bọ̀ náà tiwa ni". Kò sí bíbéèrè pápá tuntun lọ́wọ́ alága káńsù. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ìdúpẹ́ tọrọ nǹkan ti ba ìdúpẹ́ náà jẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wo bó ṣe ń pe aṣọ́lé náà: kò dárúkọ rẹ̀, ó ní kó nawọ́. Ojú ló fi hàn án, kò pe orúkọ, nítorí náà ìlérí pé òun ò ní ka orúkọ kò yẹ̀.

Kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sórí káàdì pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Má kọ gbogbo rẹ̀. Sí ẹ̀yìn káàdì náà, kọ gbólóhùn mẹ́ta fún ìgbà tí ẹ bá pàdánù: ẹ kí àwọn tó borí, ẹ sọ ohun kan tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ ní ẹ ṣeun.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: ka iye orúkọ èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan lọ. Nínú èyí tó wà lókè yìí, kò sí ìkankan.

Ìgbésẹ̀ 5: Fi aago wọ̀n ọ́n nígbà tí èémí bá ń já

Kà á sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìjókòó. Bí aago bá fi ìṣẹ́jú àáyá 70 sí 75 hàn, ó dára, nítorí pé àtẹ́wọ́, ẹ̀rín àti Àmín máa fi nǹkan bí 15 sí 20 kún un lórí pápá. Bí ó bá jẹ́ 90 lórí ìjókòó, gé gbólóhùn méjì.

Lẹ́yìn náà, sáré láti góòlù kan dé èkejì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tí èémí bá ti já ní àárín gbólóhùn, gbólóhùn yẹn gùn jù. Pín in sí méjì. Èyí tí àwọn èèyàn kì í ṣe rèé, ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé ohùn tó já gaara ní yàrá á wá máa gbọ̀n lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: o sọ ọ́ tán lẹ́yìn eré sísá, o ò sì gbé èémí mì ní àárín ọ̀rọ̀ "Kábíyèsí".

Ìgbésẹ̀ 6: Gbígba ife

Kí ẹ ti fẹnu kò nílé nípa ẹni tó máa gbà á. Ní àṣekágbá ife Áfíríkà ọdún 2013, Vincent Enyeama ló wọ ìgbànú balógun nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Joseph Yobo, tí í ṣe balógun ikọ̀ gan-an, wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, òun ló sì gbé ife sókè. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, mo ti mọ̀ pé fífa ife mọ́ra ẹni lọ́wọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti irú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ ṣáájú.

Mu omi díẹ̀, mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó gun orí pèpéle. Kí àgbà kí o tó fọwọ́ kan ife: ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, bí àyè bá sì há, kí o tẹ̀ríba kanlẹ̀. Má ṣe é nígbà tí ife ti wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí pé ìdérí rẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀, á sì yí lọ síwájú Kábíyèsí. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbà á. Ọwọ́ òsì nìkan kò sí nínú rẹ̀, kódà bí ọ̀tún bá di mẹ́dàlì mú.

Ọ̀pọ̀ ife tí wọ́n ń lò ní ìdíje àdúgbò jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìdè kan so mọ́ ìdí pákó. Ìdè náà máa ń tú díẹ̀díẹ̀, pákó á wá máa yí. Nítorí náà, ọwọ́ kan lábẹ́ pákó, ọwọ́ kan ní ara ife. Má fi etí rẹ̀ nìkan gbé e. Dúró fún àwọn ayàwòrán fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí o wá gbé e fún igbákejì balógun. Ọwọ́ rẹ ti ṣófo fún máìkì.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: ife wà lọ́wọ́ igbákejì, ìdérí wà lórí rẹ̀, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ, kò sí ẹni tó tíì gbé nǹkan kan sókè.

Ìgbésẹ̀ 7: Lórí máìkì

Mú máìkì ní ara, má bo orí rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ọwọ́ bá ti bo orí rẹ̀, ó máa ń súfèé. Kí àlàfo àárín òun àti ẹnu rẹ tó ìkúùkù kan. Má rìn kọjá sí iwájú sípíkà, nítorí pé ìdí kejì tó fi ń súfèé nìyẹn. Lẹ́yìn "Kábíyèsí o", dúró díẹ̀. Ohùn rẹ á jáde láti sípíkà ìhà kejì pápá, á padà sí ọ. Bí o kò bá dúró, o ó máa bá ara rẹ sọ̀rọ̀.

Bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ bá ń pariwo, má sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Na ọwọ́ sókè, dúró. Bí ẹnì kan bá na bébà sí ọ pé kí o dárúkọ ẹni báyìí-báyìí, fi ọwọ́ méjì gbà á, fi sábẹ́ káàdì, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, kí o sì gbé e fún ẹ̀mùsí bí o bá parí. Kò sí ẹni tí o ṣẹ̀. Bí máìkì bá kú, má bá a jà. Dúró kí wọ́n tún un ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí kò bá jí, ké ìkíni sí ikọ̀ kejì àti "ẹ ṣeun" jáde pẹ̀lú ohùn rẹ, ó tán. Bí ọ̀rọ̀ bá sì pòórá lórí rẹ, ìkíni sí ikọ̀ kejì náà ni kí o bọ́ sí. Òun nìkan ni o kò gbọ́dọ̀ fò.

Nígbà tí o bá sọ pé "ẹ ṣeun", gbé máìkì fún ẹ̀mùsí kí o tó gba ife padà. Ẹni tí máìkì bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń rántí ènìyàn kan sí i.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí: àwọn èrò kò tíì dìde nígbà tí o parí, balógun ikọ̀ kejì sì wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan tì í.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ṣé àná

O ti sọ lójú Kábíyèsí pé ẹ ó wá, ẹ gbọ́dọ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, akápò mú ìwé orúkọ jáde. Pín in: èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló máa lọ sí ilé kan, ìwọ fúnra rẹ á dé ilé àwọn àgbà àti ti ẹni tó ra jẹ́sì. Ẹni tó wà lókèèrè, kí balógun pè é lórí fóònù; má ṣe fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sórí ẹgbẹ́ Wáàsáàpù fún gbogbo wọn, nítorí pé orúkọ tí ẹ sá fún lórí máìkì náà ló tún máa dàrú níbẹ̀.

Ẹ gbé ife dání. Ilé kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n di ife mú kí wọ́n ya fọ́tò. Orúkọ tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí akápò fa ìlà sí i. Orúkọ 19 á gba ọjọ́ méjì. Ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì san gbèsè ẹ̀wà náà kí ẹ tó gbé ife lé tábìlì rẹ̀.